Táńkì Kì Í Sùn Lófìfo

Òkè méjì ni awakọ̀ bàálù máa ń bá jà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, tí wọ́n ti wọ̀n, tí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ìyẹn kì í yí padà. Èkejì ni èyí tí bàálù fúnra rẹ̀ gbà pé òun wà, òun ló sì máa ń fojú ẹni rí màbo, nítorí bí oòrùn bá ṣe ń ràn ló ń ga sí i. Akóredé mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ó kà á níwèé, wọ́n bi í nínú ìdánwò, ó sì gba máàkì tó dára. Ṣùgbọ́n ohun tí orí mọ̀ àti ohun tí ọwọ́ ti mọ́ lára, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun tí ọwọ́ ti mọ́ lára ló kọ́kọ́ ń ṣe.

Ọmọ Ẹdẹ ni Akóredé. Kó tó di awakọ̀ rárá, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún tí kò rí iṣẹ́ ṣe, ọdún méjì ló lò nílé jẹnẹrétọ̀ yunifásítì ìjọ tó wà nílùú náà, lábẹ́ Ọ̀gá Elijah. Ọ̀gá Elijah kì í pariwo, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ méjì lórí ohun kan. Òfin kan ló ní tó ju gbogbo òfin lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ rọ epo kún gbogbo táńkì dé ẹnu. "Táńkì kì í sùn lófìfo," ni ọkùnrin náà máa ń wí. Àyè tó bá ṣófo nínú táńkì, afẹ́fẹ́ ló máa kún un. Bí òtútù òru bá dé, afẹ́fẹ́ ọ̀hún á di ìrì, ìrì á di omi, omi á bọ́ sínú epo, ẹ́ńjìnnì á sì kú lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tó o nílò rẹ̀ jù lọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Akóredé gbé òfin náà lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀, ó sì rí i pé wọ́n ń ṣe é níbẹ̀ náà. Ó fi ọ̀gá rẹ̀ yangàn lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ìjọ kan gbà á síṣẹ́ láti máa wa bàálù kékeré ilé ìwòsàn wọn lórí òkè ńlá kan, níhà ìlà-oòrùn Àríwá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti igba ẹsẹ̀ bàtà. Màlúù pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Ọ̀nà mọ́tò tó lọ síbẹ̀ ń gba wákàtí mẹ́rìnlá, bí afárá kò bá tíì já. Pápá bàálù wọn jẹ́ ilẹ̀ koríko tó gùn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà, àwọn igi yúkálípítọ́ọ̀sì sì tò sí ìparí rẹ̀ bí ògiri. Ní àárín pápá náà gan-an, wọ́n ri táyà funfun kan mọ́lẹ̀.

Zakariyah ló ń tọ́jú epo níbẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ ló gbé e dé orí òkè náà, kò sì padà wálé mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí Akóredé ní kí wọ́n rọ epo kún táńkì, Zakariyah gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Bàbá awakọ̀ tó wà níbí kí ẹ tó dé kì í rọ ọ́ kún. Ìlàjì ló máa ń fi sùn. Ó ní kí èèyàn máa rọ èyí tó kù láàárọ̀, nígbà tó bá mọ ẹrù tó fẹ́ gbé."

Akóredé rẹ́rìn-ín. "Bàbá Zakariyah, ó ti rẹ bàbá yẹn ni. Táńkì kì í sùn lófìfo. Ọ̀gá mi l'Ẹ́dẹ ló kọ́ mi, omi ò sì wọ epo mi rí."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wà," ni Zakariyah wí, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń rọ ọ́ kún bẹ́ẹ̀, aburú kankan ò ṣẹlẹ̀. Aago méje òwúrọ̀ ni bàálù sábà máa ń gbéra, nígbà tí òtútù ṣì ń mú, tí afẹ́fẹ́ sì ki. Akóredé bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kàn ń bẹ̀rù òjìji ara rẹ̀ ni.

Fọláhànmí náà wà lórí òkè yẹn. Àkàndá ọ̀rọ̀ ni, nítorí ọmọ Ọ̀gá Elijah ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Iṣẹ́ ìsìnlú àwọn àgùnbánirọ̀ ló gbé e wá sí ilé ìwòsàn ibẹ̀, nínú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí Akóredé wà nílé jẹnẹrétọ̀, ọmọdébìnrin tó ń gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ wá lọ́sàn-án ni. Ní báyìí ó ti di ọmọge, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Nígbàkúùgbà tó bá rí Akóredé, á ní, "Bọ̀dá Akóredé, ẹ tún ti sanra. Bàálù yín á sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan o." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ Ẹdẹ títí, bí ẹni pé Ẹdẹ ò jìnnà, pé wọ́n lè rìn dé Sẹ́kọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n sì padà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹta, láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀kadà tó gbé Fọláhànmí bá màlúù pàdé níbi kọ́nà kan. Awakọ̀ ọ̀kadà dìde, ó gbọn eruku kúrò lára. Fọláhànmí náà dìde, ó sì ní kò sí nǹkan kan. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ètè rẹ̀ ti funfun.

Dókítà Bùnmi, obìnrin tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn náà, tẹ ikùn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ránṣẹ́ pe Akóredé.

"Ẹ̀jẹ̀ ń dà sí i nínú," ló wí. "A ò ní oníṣẹ́ abẹ níbí, ẹ̀jẹ̀ tá a ní ò sì ju páìǹtì méjì lọ. Bí a bá gbé e dé ìlú ìsàlẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, á yè é. Wákàtí kan péré ni ní bàálù. Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Akóredé sáré dé pápá. Aago mẹ́wàá ti lu. Ó wo ìwọ̀n ooru tó so mọ́ ògiri ilé epo: ó ti di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó wo ojú ìwọ̀n táńkì: abẹ́rẹ́ méjèèjì dúró gangan níbi tí wọ́n kọ pé ó kún. Ó fa ìwé bàálù náà yọ, ó sì fi ìka tọ ìlà lọ.

Ó ṣe ìṣírò náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, iye kan náà ló rí. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń fẹ̀ ni, ó ń fọ́n ká, ó ń fúyẹ́. Ibi tó bá sì ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ kí oòrùn tó bá a fọwọ́ sí i. Ẹ́ńjìnnì ń mí, kò rí afẹ́fẹ́ tó tó mí, agbára rẹ̀ dínkù. Abẹ̀bẹ̀ iwájú ń yí, ohun tó ń gé ò nípọn. Ìyẹ́ ní láti sáré ju bó ti ń sáré láàárọ̀ lọ kí ó tó rí ohun tó máa gbé e. Bàálù tó dúró níbi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹsẹ̀ bàtà yìí, lójú ara rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ. Pẹ̀lú epo tó kún dé ẹnu, ó máa nílò ẹgbẹ̀rin mítà ó lé kó tó lè ré orí igi yẹn kọjá. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni Ọlọ́run fún wọn.

"Dókítà, kò lè gbé e," ni Akóredé wí.

"Kí ni kò lè gbé? Èèyàn mẹ́ta péré ni wá. Ẹ gbé mẹ́rin lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun!"

"Aago méje àárọ̀ nìyẹn. Epo ló pọ̀ jù. A ní láti fà á sílẹ̀."

Dókítà wò ó bí ẹni tó ń wo wèrè. Obìnrin náà ti gbọ́ ọ rí pé ọkọ̀ ò lọ nítorí epo tó tán. Kò gbọ́ ọ rí pé ọkọ̀ ò lọ nítorí epo tó kún.

Epo tó wọ táńkì bàálù náà kì í fẹ́ jáde. Irin kan dí ẹnu rẹ̀ láti inú kí ẹnikẹ́ni má baà fi rọ́bà fa epo jí, rọ́bà Zakariyah ò sì lè kọjá. Ihò tó kù ni ihò kékeré abẹ́ ìyẹ́, èyí tí wọ́n fi ń dán an wò láàárọ̀ bóyá omi wà nínú epo. Omi tí Akóredé ń bẹ̀rù láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún, nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe lu ihò náà. Ó ń dà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Zakariyah gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ìyẹ́ òsì, Akóredé gbé tirẹ̀ sábẹ́ ìyẹ́ ọ̀tún, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ tì í. Lítà kan àbọ̀ ni méjèèjì ń mú jáde láàárín ìṣẹ́jú kan. Gẹ́gẹ́ bí ìṣírò rẹ̀, ọgọ́rùn-ún lítà ló yẹ kó jáde.

Wọ́n gbé Fọláhànmí wá lórí ibùsùn kékeré, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji ìyẹ́. Dókítà Bùnmi gbé omi tó ń kán sí i lápá sókè pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bọ̀dá Akóredé," ni Fọláhànmí wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ẹ ò ṣe tíì gbéra?"

"A fẹ́ mú un fúyẹ́ ni. Kò ní pẹ́."

"Ṣebí mo sọ fún yín kí ẹ má jẹun púpọ̀."

Akóredé fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó yíjú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọgọ́rùn-ún lítà pé. Ó sáré lọ wo ìwọ̀n ooru. Ó ti di ọgbọ̀n. Ó ṣí ìwé, ó tún ìṣírò ṣe, ó sì jókòó lé ilẹ̀. Bí epo ti ń jáde lábẹ́ ìyẹ́ ni òkè ń ga sí i. Bàálù náà ti gbà pé òun ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ẹsẹ̀ bàtà. Ọgọ́rùn-ún lítà tí ì bá tó láago mẹ́wàá ò tó mọ́. Igba lítà ló gbọ́dọ̀ jáde lápapọ̀ báyìí. Oòrùn ń sáré jù wọ́n lọ, oòrùn ò sì mọ ọmọ ẹnì kan.

"Gbìyànjú rẹ̀," ni Dókítà wí. "Mo bẹ̀ ọ́, Akóredé. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń tutù."

Ó gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà wọlé, Dókítà wọlé tọ̀ ọ́. Akóredé pinnu lọ́kàn ara rẹ̀: bí abẹ́rẹ́ ìyára ò bá tíì dé àádọ́ta ní táyà funfun, òun ò ní lọ, nítorí bí òun bá kọjá ibẹ̀, pápá tó kù ò ní tó láti fò, kò sì ní sí àyè láti dúró mọ́. Ó ti ìdí bàálù mọ́ etí pápá gan-an, ó tẹ bíréèkì, ó gbé agbára ẹ́ńjìnnì sókè pátá. Ó fa ọ̀pá tó ń dín epo kù sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí epo má baà pọ̀ ju afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lọ, títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi mọ́. Ohùn náà mọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára. Ó tú bíréèkì sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàálù ń sáré. Lójú ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó ń sáré gan-an, koríko ń kọjá fìrì. Abẹ́rẹ́ ni kò tètè dìde. Ogún. Ọgbọ̀n. Bàálù náà ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ru igi. Táyà funfun ń bọ̀, ó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ dé méjìlélógójì, táyà sì kọjá.

Ó fa agbára sẹ́yìn, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ìgbà tí bàálù máa fi dúró, ó lè ka ewé ara igi níwájú rẹ̀. Fọláhànmí ní, "A ti dé?"

Wọ́n padà sí abẹ́ ìyẹ́, wọ́n tún ṣí ihò. Ìgbà yìí, Zakariyah ń ka lítà sókè, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà. Akóredé ò lè kà. Ojú rẹ̀ wà lára epo tó ń dà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó rántí pé ìrọ̀lẹ́ àná lòun fúnra òun rọ ogójì lítà tó kẹ́yìn, tóun sì fi aṣọ nu ẹnu táńkì, tí inú òun dùn pé ó kún.

Láago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Dókítà Bùnmi sọ ọwọ́ tó fi gbé omi kalẹ̀. Ó tẹ etí mọ́ àyà ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló yọ abẹ́rẹ́ kúrò lápá rẹ̀, ó sì bò ó lójú.

"Ẹ má fà á mọ́," ló wí.

Zakariyah ò gbọ́. "Àádọ́sàn-án," ló kà. Ó ku lítà ọgbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láago mẹ́fà, ìwọ̀n ooru wà lórí mẹ́rìnlá. Wọ́n gbé òkú Fọláhànmí sí ibi tí wọ́n gbé e sí lánàá, Dókítà jókòó síbi tó jókòó sí. Epo inú táńkì ò yí padà púpọ̀. Akóredé tú bíréèkì sílẹ̀, bàálù sì sáré bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá jẹun. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà funfun, ilẹ̀ jábọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì gba orí igi kọjá, àyè sì ṣẹ́kù púpọ̀. Akóredé sunkún títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀. Kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ sílé Ọ̀gá Elijah ní Alájùẹ́, l'Ẹ́dẹ. Ọ̀sán ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójúde, Ọ̀gá Elijah ní kó dìde, ó sì fún un ní àga. Irun ọkùnrin náà ti funfun ju bó ṣe wà nígbà tí Akóredé rí i gbẹ̀yìn lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé.

"Wọ́n ní o wà níbẹ̀," ni Ọ̀gá Elijah wí. "Bàálù wà, awakọ̀ wà. Ṣé epo ni ò sí?"

"Epo wà, sà."

"Kí ló wá dé?"

Akóredé ṣàlàyé. Ó sọ̀rọ̀ òkè àti oòrùn, ó sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́. Kò nílò láti sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń kérora lọ́sàn-án gangan mọ ohun tó ń wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ́ńjìnnì ò rí nǹkan mí. Ẹrù ló yẹ kí ẹ dín kù."

"A dín in kù, sà. Epo là ń fà sílẹ̀. Ó pọ̀ jù. Ó kún."

Ọ̀gá Elijah gbójú sókè. "Ta ló rọ ọ́ kún?"

Akóredé ti mọ̀ láti orí òkè pé ìbéèrè yìí ń bọ̀. Ó ti múra irọ́ kan sílẹ̀, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Bí èèyàn bá máa ru ẹrù yìí, òun nìkan ló fẹ́ kó rù ú.

"Èmi ni, sà. Ilé ẹ̀kọ́ wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá Elijah wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, dúdú epo tí kì í fọ̀ mọ́ wà létí èékánná rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Akóredé, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́."

"Ọ̀gá..."

"Mo ní kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ yẹn, nílé jẹnẹrétọ̀, ìwọ lo di kẹ́ẹ̀gì mú, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo rántí." Ó kẹ́nu bọ ọ̀rọ̀ mìíràn, kò lè parí rẹ̀. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Wọ́n gbọ́ bàtà nínú ilé. Ọ̀gá Elijah nawọ́, ó di ọrùn ọwọ́ Akóredé mú, ó sì fún un pinpin.

"Má sọ fún ìyá rẹ̀."

Ìyá Fọláhànmí gbé omi tútù jáde fún àlejò. Akóredé wólẹ̀ gbà á. Obìnrin náà dúró tì wọ́n, ó wo èkínní, ó wo èkejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti sọ fún yín?" ló bi ọkọ rẹ̀. "Kí ni wọ́n ní ó dá bàálù dúró?"

"Oòrùn ni," ni Ọ̀gá Elijah wí. "Oòrùn ló mú jù."